Lẹ́yìn Ìjàm̀bá, Ọrùn Ta Ló Yẹ Kí Wọ́n Yà Wò?

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kadà kan kọlu ẹ̀yìn takisí tó dúró ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn. Obìnrin ẹni ogójì ọdún tó wà nínú takisí sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rìn kiri, ó tiẹ̀ bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀kadà gbé ní tirẹ̀ fò sókè, ó ṣubú, egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọrùn kò dun òun rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní ọrùn obìnrin yẹn ni kí wọ́n yà. Ìlànà tí Dókítà Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Kánádà ní 2001 kò sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Dókítà á kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta: ṣé ẹni náà ti pé ọdún 65, ṣé ìjàm̀bá náà le, ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ṣe é yìnnyìn? Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti yà á.

Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ lára obìnrin náà. Ó ti rìn, ìrora náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà á ní kó yí orí sí ọ̀tún àti sí òsì, dé ìdajì ọ̀nà èjìká. Bó bá lè ṣe é, kódà bó ń dùn ún, kò nílò àwòrán kankan.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ńkọ́? Ṣíṣubú lórí ọ̀kadà jẹ́ ìjàm̀bá tó le, ìrora ẹsẹ̀ sì lè bo ti ọrùn mọ́lẹ̀. Síkáànù ló dára jù fún un. Egungun ọrùn jẹ́ méje, èjìká sì sábà máa ń bo ìkeje nínú àwòrán ẹ́síréè. Àwòrán tí kò bá fi gbogbo méjèèje hàn dé ibi tí ọrùn ti pàdé àyà, kò tíì parí. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, wọ́n á fi ẹ̀rọ Ẹ́mù-Áà-Áì wo okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, bí síkáànù tiẹ̀ mọ́.

Kí àwòrán tó jáde, ọrùn kò gbọdọ̀ mì. Ṣùgbọ́n kọ́là ọrùn kì í ṣe ohun à ń fi sílẹ̀ títí lọ: ó lè dá egbò sí ara, ó sì lè fún ọrùn débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní jáde dáadáa láti orí. Tí wọ́n bá ti rí i pé kò sí ewu, kí wọ́n bọ́ ọ. Pákó tí wọ́n fi gbé aláìsàn kì í ṣe ibùsùn. Fún gbígbé nìkan ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹ má fà á dìde, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà mìíràn. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú bó ṣe wà, kí ó sọ fún un pé kó má mi ọrùn, títí ọkọ̀ tó lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀ yóò fi dé.