Ọjà ti tán, owó oníbàárà wà lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba owó sílẹ̀ kí ẹ tó lọ kó ọjà, ọ̀rọ̀ yín la mú wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláṣọ kan wà ní Kétu. Ẹbí kan fẹ́ ṣe òkú, wọ́n yan aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹni mẹ́wàá fi 9.000 fráǹkì ránṣẹ́ sí i lórí tẹlifóònù, ọ̀pá mẹ́fà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó dé Kútọnu, ti ẹni méje péré ló rí. Àwọn tó kọ́kọ́ sanwó ló fún. Ó wá ku ẹni mẹ́ta.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ó ń bọ̀." Ṣé ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín? Bí kò bá lè dá ọjọ́ kan fún yín, kò bọ̀ nìyẹn. Bó tiẹ̀ dé, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn á sì rí i lójú agbo. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fi dákẹ́, ọjọ́ tí oníbàárà ì bá fi wá aṣọ míì gbé fún aránṣọ ni.

Ẹ kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kó lè wà nílẹ̀, báyìí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ san 9.000 fráǹkì fún ti tán, kò ní dé kí ọjọ́ òkú tó pé, nítorí náà mi ò lè tà á fún yín mọ́. Owó yín á padà lọ́la, Ọjọ́rú, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, sórí nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo ní aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí kò ní òdòdó, 7.500 ni. Ẹbí ti ní kò burú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ pè mí lálẹ́ òní, màá dá 1.500 padà. Ẹ má bínú."

Ẹ ò rí i pé ó ti béèrè lọ́wọ́ ẹbí kó tó fi aṣọ míì lọ̀ wọ́n? Bí Ìyá kò bá sì pè, owó ló ń padà o. Kò gbà aṣọ míì, ẹ má gbé e fún un.

Bí owó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti ń ra ọjà, ẹ gbà á kí ẹ tó dá ọjọ́. Ọjọ́ tó bá wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ sọ. Owó tí wọ́n máa ń yọ lórí ìránṣẹ́, ẹ̀yin ni kó yọ lára yín: 9.000 tó wọlé, 9.000 ni kó padà dé. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan gbọ́, iye tó wà nínú àpò tẹlifóònù yín ni kí ẹ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sọ nọ́ńbà àṣírí yín kóun tó lè dá owó padà, olè ni. Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ síni kò nílò rẹ̀ rárá.