Láti "Sọ Pé" Dé "Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀ Pé": Ọ̀rọ̀-Ìṣe àti Ọ̀rọ̀ Ìṣọ́ra Nínú Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àtẹ̀yìnwá

Nínú àpilẹ̀kọ oyè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé wá, orí kejì ni "sọ pé" ti máa ń pọ̀ jù. Lágbájá sọ pé, Tàmẹ̀dò sọ pé, títí orí náà yóò fi parí. Àwa olùkọ́ a mú bírò pupa, a ó fa ìlà sí i, a ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá padà dé, "sọ pé" ti di "jiyàn pé" níbì kan, ó ti di "fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé" níbòmíràn, láìjẹ́ pé ó tún ìwé tó ń tọ́ka sí ṣí. Àbùkù kékeré la fẹ́ tún ṣe, èyí tó tóbi la fi rọ́pò rẹ̀. "Sọ pé" kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kò kàn sọ púpọ̀ ni. "Fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé" lè purọ́ mọ́ onímọ̀.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nínú àpilẹ̀kọ oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì mi, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń mọ̀wé ju èyí tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Olùdánwò tó wá láti ìta bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Àwọn wo ni wọ́n fi wọ́n wé?" N kò rí èsì fọ̀, nítorí inú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo ti ká gbólóhùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ìsọ̀rí ìdánwò ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ ìsọ̀rí àfiwé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn ìbéèrè olùdánwò náà nìyí: Yorùbá ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wé Yorùbá ọdún mẹ́ta. Kò sí ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú àfiwé yẹn.

Bí mo bá fẹ́ tún un kọ lónìí, báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́:

"Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya (1989) rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí Yorùbá wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àwọn ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe náà lọ́wọ́ sí i."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra kankan nínú gbólóhùn kìíní. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. "Rí i pé" ló bá a mu. Gbólóhùn kejì ń sọ ohun tó fa èsì náà, ibẹ̀ ni ìṣọ́ra ti pọn dandan. Mo lo "ó jọ pé" nítorí pé ẹ̀rí wà nílẹ̀ tó tọ́ka síbẹ̀. Mo lo "ó ṣeé ṣe kí" fún ohun tí ètò ìwádìí náà kò jẹ́ kí a lè yọ kúrò pátápátá. "Bóyá" ìbá ti rẹlẹ̀ jù, torí àbá lásán ló máa ń dún bí. "Wọ́n ní" tún burú jù, nítorí ọ̀rọ̀ àhesọ ni etí Yorùbá máa ń gbà á sí.

Ẹ fi èyí wé ìwé tí àjọ UNESCO tẹ̀ jáde ní 1953 lórí lílo èdè abínibí nínú ẹ̀kọ́. Èrò àwọn onímọ̀ tó péjọ ló wà níbẹ̀, àti àbá tí wọ́n fún àwọn ìjọba. "Jiyàn pé" tàbí "dábàá pé" ló yẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé UNESCO "rí i pé" ti sọ àbá di èsì ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń ṣọ́ ni "gbà pé". Ó lè túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ onímọ̀ náà nìyẹn, ó sì lè túmọ̀ sí pé alátakò rẹ̀ ló fi agbára mú un gbà. Ọ̀nà méjèèjì jìnnà síra nínú àríyànjiyàn. "Lérò pé" dára fún ti àkọ́kọ́, "gbà fún alátakò rẹ̀ pé" fún èkejì.

Ìṣọ́ra náà lè ti pọ̀ jù. Mo ti rí "bóyá ó jọ pé ó lè jẹ́ pé" nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọ̀kan tó. A kì í sì í ṣọ́ra fún ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀: "ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1970" ń sọ fún òǹkàwé pé ẹni tó kọ ọ́ kò wo ìwé.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé n kì í kọ "pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe" mọ́ sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń fa òbìrí yí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ká, n óò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ojú ewé wo? Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀: ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n ni, wọ́n jiyàn rẹ̀ ni, àbí wọ́n dábàá rẹ̀?"