Pèpéle Lábẹ́ Omi

Bí a bá mọ pèpéle kékeré sí ìsàlẹ̀ gọ́tà tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀, kí ni ojú omi máa ṣe lókè pèpéle náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní yóò ga sókè. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rò ó rí.

Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kan tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Lórí mítà kan ìbú rẹ̀, lítà omi 2,000, ìyẹn mítà kúbíìkì 2, ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Omi náà jìn tó mítà 1.5. Bí a bá wọn agbára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gọ́tà, apá kan wà nínú jíjìn rẹ̀, ìyókù wà nínú eré rẹ̀:

E = y + q²/(2gy²)

y ni jíjìn, q ni mítà kúbíìkì 2 wa yẹn, g sì ni òòfà ilẹ̀, 9.81. Mítà la fi ń ka E. Tiwa jẹ́ 1.59.

Ẹ fi E sí ìbú, kí ẹ fi y sí òró. Ìlà tó máa jáde dà bí ìwọ̀ ẹja tí imú rẹ̀ kọjú sí òsì. Agbára 1.59 kan ìlà yìí níbi méjì. Lókè, omi jìn ní mítà 1.5, ó ń rọra lọ ní mítà 1.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nísàlẹ̀, kò jìn ju 0.42 lọ, ṣùgbọ́n ó ń sá eré 4.8. Ní imú ìwọ̀ ni agbára ti kéré jù: 1.11. Jíjìn ibẹ̀, 0.74, ni ààlà láàárín omi arọra àti omi asáré.

Ó kan pèpéle wàyí. Ká ní ó ga ní mítà 0.2. Bí a bá gbójú fo ohun tí ògiri ń jẹ nínú agbára omi, 1.39 ló kù fún un lórí pèpéle. Ìlà sọ pé jíjìn rẹ̀ á di 1.26. Ẹ fi 0.2 kún un, ó di 1.46. Ojú omi ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4! Eré rẹ̀ ló pọ̀ sí i, ara jíjìn ló sì ti yọ owó eré náà. Omi asáré ni tirẹ̀ máa ń ga sókè níbẹ̀.

Pèpéle tó bá ga ju 0.48 lọ ti gbé wa kọjá imú ìwọ̀. Kò sí ìlà níbẹ̀ mọ́. Omi á kó jọ lẹ́yìn pèpéle títí agbára rẹ̀ á fi tó láti gorí rẹ̀, ó sì lè kún bo ọ̀nà níbi tó jìnnà sí pèpéle gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò ní ronú kan pèpéle.

Ẹ ju òkúta sínú omi láti mọ irú èyí tó jẹ́. Bí ìgbì rẹ̀ bá lè gòkè lòdì sí ìṣàn, omi arọra ni. Bí omi bá gbá gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, asáré ni. Ní ààlà, ìgbì àti omi jọ ń sá 2.7, ìgbì á dúró lójú kan. Ẹni tó ń ṣe gọ́tà kì í fẹ́ kí omi rẹ̀ dúró síbẹ̀: ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ní imú, ìyípadà bíńtín nínú agbára á yí jíjìn padà púpọ̀, ojú omi á sì máa ru sókè sódò.