Bí A Ṣe Ń To Pẹpẹ Ìwé Pálọ̀ Tí Kò Fi Ní Rí Jágbajàgba

Pẹpẹ ìwé tí ó wà ní pálọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé, ìwé nìkan ni a ń kó sí i. Lẹ́yìn náà ni baálé yóò ki rìsíìtì bọ àárín ìwé, ọmọ yóò gbé ife síbẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ yóò sì tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ. Kí ó tó pẹ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ti bo Àlùkùránì mọ́lẹ̀, ọmọ tí ó ń wá ìwé ìṣirò rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò sì rí i.

Kì í ṣe pípọ̀ ẹrù nìkan ni ó ń ba ojú pẹpẹ jẹ́. Bí a bá fọ́n ohun kéékèèké káàkiri láìsí àlàfo láàárín wọn, ojú kì í rí ibi tí yóò sinmi sí. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹní. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìwé, ohun ẹ̀ṣọ́, àti ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá. Oògùn, rìsíìtì àti ife wà nínú ìpín kẹta yìí. Ẹ wá àyè mìíràn fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ wọn yóò padà.

Àkísà gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ìwé, kí wọn má baà bu. Ẹ wo ẹ̀yìn pẹpẹ bóyá ikán ti la ọ̀nà síbẹ̀, kí ẹ sì fà á kúrò lára ògiri díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a fi pẹpẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní pákó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, èyí tí í ṣe íǹṣì 36. Ìwé 52 ni ó wà nílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó íǹṣì 1.

Pákó òkè pátápátá ni ti Àlùkùránì, ìwé ìtumọ̀ rẹ̀ àti Hádíìsì, ìwé 6 lápapọ̀. A kò gbé ohunkóhun lé Àlùkùránì lórí, a kò sì gbé fọ́tò sí pákó yìí. Tẹ̀sùbáà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pákó kejì gba ìwé àgbà 22. Íǹṣì 14 yóò ṣẹ́ kù. Ẹ fi ìkòkò òdòdó kan ṣoṣo síbẹ̀, kí ìyókù ṣófo.

Pákó kẹta ni ti ẹ̀ṣọ́. Bí fọ́tò bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ gbé mẹ́ta síta pẹ̀lú agogo, kí ẹ kó mẹ́fà yòókù sínú páálí. Nígbà Ìtúnu àti nígbà Iléyá, ẹ pààrọ̀ wọn. Àlejò yóò rò pé titun ni.

Pákó ìsàlẹ̀ gba ìwé ọmọ 24, nítorí ọwọ́ wọn tó o. Apẹ̀rẹ̀ kan ni kí ó jókòó sí àyè tí ó kù, kí ó gba pẹ́ńsù, rúlà àti wàláà kékeré.

Ẹ jẹ́ kí ìwé dúró ṣánṣán, kí ẹ̀yìn gbogbo wọn bá etí pákó dọ́gba. Èyí tí ó ga kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọn máa rẹlẹ̀ lọ. Ìwé tí ó bá fẹ̀gbẹ́ tì, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò já. Láti dá wọn dúró, ẹ dùbúlẹ̀ ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbi tí ìlà náà parí sí. Bí ìwé bá fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè wọlé, ẹ dín in kù. Ẹ fi ojú wo etí pákó láti ẹ̀gbẹ́: bí àárín rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ kó ìwé tí ó wúwo lọ sí ìkángun, níbi tí igi ti gbé e ró.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ di ojú díẹ̀. Ibi tí ojú yín bá kọ́kọ́ há sí, ohun kan pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mú un kúrò. Láti ìgbà náà lọ, ohun ẹ̀ṣọ́ titun kan kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ àfi bí ògbólógbòó kan bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.