Èsì olùkọ́ fún ìyá ọmọ

Ìyá kan ní Kétu wá bá olùkọ́. Ó ní: «Ọ̀gá, iṣẹ́ kíláàsì rọrùn jù fún ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó fo kíláàsì kan.»

Olùkọ́ dáhùn: «Òótọ́ ni, ìyá wa, ó yára. Mo fún un ní ìdánwò kíláàsì tẹ ń wí. Ó kàwé dáadáa, ó sì sọ ìtumọ̀ ohun tó kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀:

52 − 17 = 45

2 kò tó yọ 7, ló bá yí i padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7. Ìdáhùn rẹ̀ ni 35. Bó bá fo kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ èyí, ta ni yóò kọ́ ọ?

Èmi kò ní kó ìṣirò tó ti mọ̀ lé e lórí, ìyà nìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́jà. Bí ẹnì kan bá ra gàrí 175 fráǹkì, tó mú 500 wá, kí ọmọ kọ iye tí ẹ ó dá padà sílẹ̀. 325 ni. Bó bá kọ 475, àṣìṣe yẹn ṣì wà, ẹ ó sì pàdánù 150.

Lẹ́yìn oṣù kan, màá tún dán an wò. Bó bá mọ̀ ọ́n, àwa méjèèjì yóò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.»