Àjà Ilé Lábẹ́ Òrùlé tí ó ń Jò

Bí páànù bá jò sórí oríṣi àjà mẹ́ta, àpẹẹrẹ tí ojú yóò rí kò ní dọ́gba. Jípúsọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe pí-ó-pí. Òun kan náà ni ó wà láàrin bébà méjì nínú pátákó jípúsọ̀mù. Omi a sì máa rọ jípúsọ̀mù. Àbàwọ́n rúsúrúsú ni yóò kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn èyí, pí-ó-pí yóò sán, yóò sì máa já bọ́. Pátákó yóò tẹ̀ láàrin igi tí ó gbé e dúró. Oruku omi gbígbóná nínú balùwẹ̀ pàápàá lè tẹ̀ ẹ́. Kí àwọn igi náà fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà síra sàn ju 60 lọ.

Pí-fí-sí kì í mu omi, ṣùgbọ́n ooru páànù lè rọ̀ ọ́ kí ó sì tẹ̀. Ó tún ń bo jíjò mọ́lẹ̀: omi yóò ṣàn gba orí rẹ̀ lọ sí ara ògiri, igi yóò sì máa jẹrà láìsí ẹni tí ó mọ̀. Nítorí náà, pí-fí-sí yẹ balùwẹ̀, pí-ó-pí yẹ yàrá gbígbẹ. Ṣùgbọ́n òrùlé ni kí onílé kọ́kọ́ tún ṣe.