Nígbà Tí Onílé Bá Fowó Kún Owó Ilé

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, kò sọ iye pàtó tí onílé lè fi kún owó ilé. Abala 37 rẹ̀ sọ pé ayálégbé tó ń gbé inú ilé lè lọ sí kóòtù kí adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àfikún náà ti pọ̀ jù, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Adájọ́ yóò wo iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò náà, yóò gbọ́ ẹlẹ́rìí, yóò sì wo ohun tó bá yàtọ̀ nínú ilé ọ̀hún. Ohun tí adájọ́ máa wò yìí gan-an ló yẹ kí ayálégbé kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ká ní ayálégbé kan ń san 400,000 náírà lọ́dún ní Muṣin, tí àjẹ́ńtì wá mú ìwé wá pé yóò di 700,000. Ohun àkọ́kọ́ ni kó yọ ìwé àdéhùn jáde, kó wò ó bóyá ọdún tó sanwó fún ti pé. Lẹ́yìn náà, kó rọra béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé kejì. Bí wọ́n bá ń san 750,000 lórí irú ilé kan náà, kò sóhun tí lẹ́tà fẹ́ ṣe fún un. Bó bá jẹ́ 500,000 ni wọ́n ń san, ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí ìwé yín ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ilé wo ládùúgbò wa lẹ fi díwọ̀n 700,000 náírà? Àtúnṣe wo lẹ ṣe sí ilé, ìgbà wo lẹ sì ṣe é? Ibo nínú àdéhùn wa ló ti sọ̀rọ̀ àfikún? N óò máa retí èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí kò túmọ̀ sí pé mo ti gbà láti san iye tuntun náà, sà.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá san iye tuntun lẹ́ẹ̀kan, tó sì gba rísíìtì rẹ̀, á ṣòro fún un láti sọ pé òun kò fara mọ́ ọn.

Bí onílé bá fèsì pé gbogbo nǹkan ló ti wọ́n, kò tíì dáhùn ìbéèrè. Bó bá ní òun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tàbí pààrọ̀ òrùlé, ìyẹn ṣe é wọ̀n, a sì lè dúnàádúrà lé e lórí.

Òfin kò fipá mú onílé láti fèsì o. Ó sì lè fi ìwé kí-o-kó-jáde dáhùn. Oṣù mẹ́fà ni òfin náà fún ẹni tó ń sanwó ọdọọdún, bí àdéhùn kò bá sọ iye mìíràn. Òfin yìí kò kan Ìkòyí, Fikitóríà Áílàǹdì, Àpápá àti ìgbèríko ìjọba ní Ìkẹjà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, iléeṣẹ́ ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ máa ń bá onílé àti ayálégbé parí ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà lẹ́tà tí àjẹ́ńtì fọwọ́ sí, tó kọ ọjọ́ tó gbà á sí, ni kí ayálégbé mú lọ síbẹ̀.